Ìlà Mẹ́rìnlá, Àga Mẹ́rìnlá

Ọ̀sán gan-an ni, nínú yàrá kékeré tí ẹgbẹ́ awakọ̀ ń lò bí ọ́fíìsì ní igun gáréèjì. Tábìlì kan, bẹ́ǹṣì kan, àti fáànù kan tó ń yí bí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀. Awakọ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Afẹ́fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo bọ́ọ̀sì rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Wọ́n ti fi ṣéènì de táyà iwájú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò Alága ẹgbẹ́. Ìyá Akọ̀wé jókòó sí ìdí tábìlì pẹ̀lú ìwé kan àti aago kan. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wo olódo.

Àṣà ẹgbẹ́ yìí ni pé tí Ọ̀sẹ̀ Ààbò Ojú Pópó bá ti dé, awakọ̀ tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi jù lọ́dún náà ni yóò ké ewì ìkìlọ̀ níwájú àwọn yòókù. Lọ́dún yìí, kò sí ẹni tó bá Afẹ́fẹ́ du ipò náà. Èèyàn mọ́kànlélógún ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kà nínú bọ́ọ̀sì alága mẹ́rìnlá, láìka àpò àlùbọ́sà mẹ́sàn-án tó wà lórí òrùlé. Tó bá ké ewì náà pé lọ́la, wọn á tú ṣéènì. Tó bá fo ìlà kan péré, bọ́ọ̀sì á jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun náà á sì jókòó tì í.

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀," ni Ìyá Akọ̀wé wí.

Afẹ́fẹ́ dìde, ó wúkọ́, ó fa ṣòkòtò sókè, ó la ẹnu. Kí ìyá tó gbójú kúrò lára aago, ó ti jókòó padà.

"Kí ni mo gbọ́ yẹn?"

"Ewì ni, mà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Látòkè délẹ̀."

"Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìndínlógún."

"Ẹ ṣeun, mà. Tí ọ̀fun mi bá gbóná dáadáa, mo lè ké e tán ní méjìlá."

"Ta ló yìn ọ́? Igba èèyàn ló máa jókòó sábẹ́ agọ́ yẹn lọ́la. Tí o bá sáré báyìí, ta ló máa gbọ́?"

"Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ á lé mi bá."

"Ìlà kẹrin ńkọ́? Mi ò gbọ́ ọ rárá."

"Ó wà ńbẹ̀, mà. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ níwájú mi, mo bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá."

"O ya ìlà sílẹ̀?"

"Mo fún un ní họ́ọ̀nù kí n tó kọjá."

Ìyá Akọ̀wé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó gbé ìwé sókè. "Ìlà kẹta àti ìkẹrin: *Bí o bá sọ eré di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì yóò gbà kó tó mú ọ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin.* Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi. Ewì ni. Ewì máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn."

"Kì í ṣe ewì ló sọ ọ́, ìṣirò ni. Tí o bá wà lórí ogójì kìlómítà ní wákàtí, tí o tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á ṣì sún bíi mítà mẹ́wàá kó tó dúró. Tí o bá wà lórí ọgọ́rin ńkọ́?"

"Ogún mítà."

"Ogójì."

"Ìyá Akọ̀wé, ẹ fi kún un."

"Mi ò fi nǹkan kan kún un. Ojú ọ̀nà gbígbẹ nìyẹn o, àti táyà tó dára."

"Táyà tèmi dára."

"Táyà wo? Èyí tó ti pá bí orí Alága?"

"Ẹ má jẹ́ kí Alága gbọ́, mà. Ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà."

"Jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi. Kí ẹsẹ̀ rẹ tó dé orí bíréèkì ńkọ́? Ojú á kọ́kọ́ rí i, ọpọlọ á gbọ́, ẹsẹ̀ á wá gbéra. Tó bá gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, lórí ọgọ́rin, o ti rin mítà méjìlélógún tí o kò tíì tẹ nǹkan kan. Bọ́ọ̀sì mẹ́rin tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn nìyẹn. Fi ogójì kún un."

Afẹ́fẹ́ fi ojú wọn gáréèjì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri. Kò tó ọgọ́ta mítà. Ó wo ògiri náà pẹ́ díẹ̀, kò sì fẹ́ràn bó ṣe rí.

"Kí ló tilẹ̀ ń lé ọ?" ni ìyá bi í.

"Tọ́ọ̀nù ni, mà. Ẹni tó bá tètè dé ló ń tètè tò."

"Ọ̀nà tí o ń ná, kìlómítà mélòó ni?"

"Ọgọ́ta."

"Lórí ọgọ́rin, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lo máa lò. Lórí ọgọ́rùn-ún, mẹ́rìndínlógójì. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lo jẹ lérè. Tí o bá dé ọ̀hún, báwo lo ṣe ń pẹ́ tó kí tọ́ọ̀nù tó kàn ọ́?"

"Wákàtí méjì. Ìgbà mìíràn ó máa ń lé."

"Kí lo ń fi wákàtí méjì yẹn ṣe?"

Afẹ́fẹ́ ronú. "Mo máa ń sùn."

"Nítorí náà, o fi ẹ̀mí èèyàn mẹ́rìnlá sáré kí o lè fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kún oorun."

"Mọ́kànlélógún, mà."

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó rí i pé irú àtúnṣe yẹn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń ṣe fún ara rẹ̀. Ìyá Akọ̀wé kàn tẹ aago.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní àkọ́kọ́, ó pa ìlà méjì pọ̀. Ní èkejì, ó fi ìlà kan kún un látinú orí ara rẹ̀, ó ní àyè ṣì kù. Ní ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ní ẹ̀kẹrin, ó gbé orí lé ògiri.

"Àwọn ìlà yìí ò lójú, mà. Ohun tí ò lójú, mi ò lè dá a mọ̀. Tó bá ṣe èrò ni, mi ò ní gbàgbé. Èrò tó wọkọ̀ mi lọ́dún tó kọjá, mo ṣì mọ ibi tó jókòó, mo mọ ẹni tó gbé orí lé léjìká sùn."

Ìyá Akọ̀wé wo ìwé. Ó wo fèrèsé.

"Àga mélòó ló wà nínú bọ́ọ̀sì rẹ?"

"Mẹ́rìnlá."

"Ìlà mélòó ni mo kọ?"

Afẹ́fẹ́ dìde láìtíì kà á tán. Ìyá ti mú sísọ́ọ̀sì.

*

Inú bọ́ọ̀sì gbóná, òórùn àlùbọ́sà ṣì wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé pélébé mẹ́rìnlá tí ìyá gé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlà kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi èrò sáyè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná, ara rẹ̀ yá.

"Ìlà kìíní, *Awakọ̀, rọra, ọ̀nà kò sá lọ síbì kan.* Ẹ wá síwájú níbí, ẹ̀yin lẹ máa ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ìkejì, *Ẹni tó wọkọ̀ rẹ ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́.* Ẹ jókòó tì wọ́n. Ìkẹta àti ìkẹrin, lọ́kọláya ni yín, ẹ má pínyà. Ìkarùn-ún, *Ojú á rí i kí ẹsẹ̀ tó gbọ́.* Ẹ sún sí wọn."

"Má pè wọ́n ní ẹ. Ìwé ni."

"Èrò ni, mà. Ẹ jẹ́ n bọ̀wọ̀ fún wọn. Ìkẹfà, *Ọkọ̀ ti lọ jìnnà kí ẹsẹ̀ tó dé bíréèkì.* Ìkeje, *Àga mẹ́rìnlá ni wọ́n ṣe, èèyàn mẹ́rìnlá ni kó jókòó.*" Ó yára gbé ìyẹn sílẹ̀ bí ẹni tó mú nǹkan gbígbóná. "Ìkẹjọ, *Ẹni tí kò ní àga kò ní bẹ́líìtì.* Ìyẹn, ẹnu ilẹ̀kùn."

"Kí ló dé tí bẹ́líìtì ẹnu ilẹ̀kùn kò sí?"

"Mo gé e, mo fi so ilẹ̀kùn."

Ìyá Akọ̀wé mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ ò ní láti kọ ìyẹn, mà."

"Ìkẹsàn-án."

"*Ẹni tí kò ní bẹ́líìtì ni gíláàsì iwájú ń dúró dè.* Ojú fèrèsé. Ìkẹwàá, *Táyà tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn á gbóná títí yóò fi bẹ́.* Àárín. Ìkọkànlá, *Ẹrù gogoro lórí ọkọ̀ ní í fà á ṣubú níbi tí ọ̀nà bá ti yí.*" Ó gbójú sókè wo òrùlé, níbi tí àpò àlùbọ́sà mẹ́sàn-án ti wà rí. "Ìkejìlá, ẹ̀yìn. Ìkẹtàlá, ẹ̀yìn. Ìkẹrìnlá, ẹ̀yìn. Ó kún."

Ó gun ipò awakọ̀, ó di ìdarí ọkọ̀ mú, ó gbé ojú sí dígí. Ìyá Akọ̀wé dúró síta lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú aago.

Ohùn mìíràn ló jáde. Ó ń wo èrò kọ̀ọ̀kan nínú dígí, ó ń jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ké e dé ìkọkànlá láìkọsẹ̀. Ó wá bọ́ sí ìkẹtàlá.

"Ìkejìlá," ni ìyá wí.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìkẹwàá, ìkọkànlá, ìkẹtàlá.

"Ìkejìlá, Afẹ́fẹ́. Ó wà lẹ́yìn lọ́wọ́ òsì, ó ń wò ọ́."

Ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìkọkànlá, ìkẹtàlá.

"Ṣé o fẹ́ fi mí ṣeré ni? Ìlà mẹ́tàlá wọlé, ìlà kan ṣoṣo ni kò wọlé, orí rẹ ò sì dí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni o, nítorí ìlà kan. Kà á jáde láti inú ìwé, kí n gbọ́."

Afẹ́fẹ́ kò yíjú padà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí ìdarí ọkọ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. *Bíréèkì tó bá gbóná ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í gbọ́ àṣẹ mọ́.* Òun ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nínú gbogbo wọn."

"Kí ló wá dé?"

"Ọjọ́ tí wọ́n mú wa yẹn, gbogbo gáréèjì ló ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo já bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Mi ò já bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kankan. Èmi ni mo lọ bá wọn. A ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ńlá yẹn, mo ń tẹ bíréèkì, mo ń tẹ bíréèkì, òórùn nǹkan tó ń jó gba inú ọkọ̀. Nígbà tó yá, mo tẹ ẹ́, ó rọ̀ wọlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ ọkọ̀, kò sí nǹkan. Mọ́kànlélógún, Ìyá Akọ̀wé, àti àlùbọ́sà. Mo fà á sí jíà kejì, ẹ́ńjìnnì ké, mo fi ẹ̀gbẹ́ ha bèbè ọ̀nà. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn mi di ẹ̀wù mi mú. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ń sọ pé, 'Ọmọ mi, rọra, ọmọ mi, rọra,' bí ẹni pé mo ṣì lè rọra."

"Kí ló dá yín dúró?"

"Ilẹ̀ tẹ́jú nísàlẹ̀, ọkọ̀ wá ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró sí. Wọ́n rò pé àwọn ló dá mi dúró. Mo fẹ́ dì mọ́ ọ̀gá wọn. Ẹ̀rù ló bà mí, mà. Títí di òní yìí, ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan."

Ìyá Akọ̀wé gun orí àga iwájú, ó gbé ìlà kìíní àti ìkejì lé itan, ó jókòó. Kò sí ẹ̀kọ́ ìṣirò tó mọ̀ fún èyí. Òun tó kọ ìlà náà kò tíì wakọ̀ rí. Inú ìwé kékeré kan tí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń pín ló ti rí i, ó sì fi ṣewì nítorí pé ó dùn létí.

"Ìlà tèmi nìyẹn," ló wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo ni ín. Ké e bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ìkejìlá, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kò sì sáré. Lẹ́yìn ìyẹn, *Ìṣẹ́jú tí o fi eré já gbà, orí ìlà tọ́ọ̀nù lo máa ná an tán.* Lẹ́yìn ìyẹn, *Délé láyọ̀, kí èrò rẹ náà délé.*

"Ó pé," ni ìyá wí. Ojú rẹ̀ ń tàn. "Ìlà mẹ́rìnlá, ìṣẹ́jú kan àti ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀la ni wọn á tú ṣéènì."

Fóònù rẹ̀ dún.

"Ẹ ń lẹ́ níbẹ̀, Alága. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí ni? Orúkọ yín? Àh, ó yẹ, sà. Ó yẹ gan-an." Ó pa fóònù. Ó ya ìwé kan sí pélébé, ó kọ nǹkan sí i. "Alága fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo. *Alága wa, erin tó ń darí títì, kí ẹ pẹ́ fún wa.*"

"Níbo ni wọ́n máa jókòó sí?"

"Sún ìlà kẹta kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹrin díẹ̀."

Afẹ́fẹ́ sún un. Alága wọlé.

Ìyá Akọ̀wé ń ya ìwé mìíràn. "Tí Alága bá wà ńbẹ̀ tí Igbákejì ò sí, ìjà ló máa dà. Fi í sórí ìbòrí ẹ́ńjìnnì. Akápò náà, fi í sẹ́yìn lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó yá wa ní agọ́, ọ̀fẹ́ ló yá wa, kò dáa ká má dárúkọ rẹ̀. Fi í lé ìkẹsàn-án lẹ́sẹ̀."

"Mà..."

"Ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn bọ̀. Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́, wọ́n ti dàgbà, fún wọn láyè ní àárín, kí ìlà kẹwàá gbé wọn lé itan."

"Ìyá Akọ̀wé, ọkọ̀, ìyẹn ewì yìí, ó ti kún."

"Ìrìn ò jìn, Afẹ́fẹ́. Ewì lásán ni. Tí o bá dé ibi tó gùn, o kàn máa sáré díẹ̀." Ó ti ń kọ ti ìkeje. "Ẹ sún mọ́ra yín. Ó ku ẹnì kan."

"Ta ni?"

"Èmi. Èmi tí mo kọ ọ́ ńkọ́? Mi ò sanra, mo lè dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn."

Afẹ́fẹ́ yí padà lórí àga, ó wo ẹ̀yìn. Ìwé wà lórí ìwé. Ìkẹjọ ti jábọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Ìkejìlá wà lábẹ́ Akápò, kò hàn mọ́. Ó kà wọ́n, ète rẹ̀ ń mì. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé kò fẹ́ gba ti àkọ́kọ́ gbọ́.

"Ẹ bá mi kà wọ́n, mà. Ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò."

Ìyá Akọ̀wé kà á. Nígbà tó dé ìparí, ó dúró, bírò ṣì wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́kànlélógún," ló wí.

"Ọkọ̀ mi ò ní gbéra báyìí," ni Afẹ́fẹ́ wí.

"Alága ni o. Àpò wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Tí inú bá bí wọn, wọ́n lè fi ṣéènì yẹn sílẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á fi pé, wọ́n á ní o fo ìlà. Èmi pàápàá, àwọn ló fi mí sípò yìí."

"Mo mọ̀, mà."

Ó mọ̀ ní tòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀ fún ẹni tó ní ilé láti bọ́. Síbẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú Akápò kúrò lórí ìkejìlá. Ó mú Bàbá Ìsàlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ọjọ́ orí wọn. Ó mú alágọ̀ọ́, ó mú ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó mú Igbákejì kúrò lórí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó kan ti ẹnu ilẹ̀kùn, Ìyá Akọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú tirẹ̀. Ó kà á sínú lẹ́ẹ̀kan, torí pé ìlà náà dùn, ó sì ká a sínú báàgì.

"Ó ku Alága," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ kéré.

Fóònù tún dún. Orúkọ Alága ló wà lójú rẹ̀. Ìyá Akọ̀wé wò ó, ó wo Afẹ́fẹ́, ó wo ṣéènì. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé e. Afẹ́fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú ìwé Alága kúrò láàárín ọkọ àti ìyàwó, ó sì gbé fóònù sétí.

"Ẹ kú ọ̀sán, Alága. Ẹ má bínú, sà. Èyí ti kún. Ẹ dúró de ewì tó ń bọ̀ lẹ́yìn."